Lẹ́tà Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta: Ohun Tí Lébẹ̀lì Gmail Lè Ṣe Tí Fódà Kò Lè Ṣe

Ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú rí mọ̀ pé ìwé tó ń wọlé kì í sábà dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká fi irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ: obìnrin kan tó ń gbé Ìbàdàn, tó ń fi Gmail ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ẹgbẹ́ lọ́dún náà. Wọ́n ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹ̀bá ọjà, wọ́n ń tún òrùlé ilé ìwòsàn alábọ́dé ṣe, wọ́n sì ń múra Ọjọ́ Ìlú tó máa ń wáyé níparí ọdún. Akápò ẹgbẹ́ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú owó ti ń wá.

Lọ́jọ́ kan, agbaṣẹ́ṣe tó ń gbẹ́ kànga kọ ímeèlì sí i. Ó ní omi ti jáde. Ó ní bí ẹgbẹ́ bá fẹ́, òun lè fa páìpù láti ìdí kànga dé ilé ìwòsàn, ó sì so ìwé iye owó iṣẹ́ náà mọ́ ọn. Kó tó fọwọ́ sí i, ó dábàá pé kí kábíyèsí fọwọ́ ara wọn ṣí kànga náà ní Ọjọ́ Ìlú. Ímeèlì kan ṣoṣo, tí kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, ó sì kan iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibo ni kí akọ̀wé tọ́jú rẹ̀ sí?

Bó bá jẹ́ fódà ló ń lò, ibì kan ṣoṣo ló lè fi í sí. Tó bá sọ ọ́ sínú fódà kànga, ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Ìlú yóò bèèrè ọ̀rọ̀ kábíyèsí lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù Kọkànlá, yóò ṣí fódà Ọjọ́ Ìlú, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn kan máa ń dá fódà tuntun sílẹ̀ fún ohun tó bá pa pọ̀: “Kànga àti Ilé Ìwòsàn”, “Ilé Ìwòsàn àti Ọjọ́ Ìlú”. Ọ̀nà yẹn kì í pẹ́ sú ènìyàn. Iṣẹ́ mẹ́ta lè pa pọ̀ lọ́nà méje. Tí iṣẹ́ bá di márùn-ún, ó ti di ọ̀nà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn mìíràn máa ń ṣe ẹ̀dà ímeèlì náà sínú fódà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀dà mẹ́ta túmọ̀ sí ohun mẹ́ta tí ènìyàn ní láti máa tọ́jú. Èyí tó bá pa rẹ́ kò kan àwọn yòókù, èyí tó bá sì sàmì sí pé òun ti dáhùn kò sọ fún èjì tó kù.

Àwọn tó ṣe Gmail rí ìṣòro yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Paul Buchheit, òṣìṣẹ́ Google, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 2001, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2004 ni ilé iṣẹ́ náà sì gbé e síta. Nígbà yẹn, ìwọ̀nba mẹ́gábáìtì 2 ni Hotmail ń fún ẹni tó bá lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, Yahoo ń fúnni ní 4. Gmail fúnni ní gígábáìtì 1 odindi, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé wọ́n ń fi ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin tan àwọn jẹ ni. Àyè ńlá yẹn ló jẹ́ kí ọ̀nà tuntun ṣeé ṣe. Níbi tí àyè bá ti há, ènìyàn ní láti máa kó ìwé kúrò nílẹ̀, kó máa pa òmíràn rẹ́. Níbi tí àyè bá ti tó, ìwé lè jókòó síbi kan náà títí láé, kó sì jẹ́ pé wíwá a rí nìkan ni iṣẹ́ tó kù.

Bí Gmail ṣe rí nìyẹn gan-an. Gbogbo ímeèlì tó bá wọlé, yàtọ̀ sí pàǹtírí tó wà nínú “Spam” àti èyí tí wọ́n ti dà sínú “Trash”, ibì kan ṣoṣo ló wà: “All Mail”. Lébẹ̀lì kì í ṣe àpótí. Orúkọ ni wọ́n fi pe ìwé náà, ìwé kan sì lè jẹ́ orúkọ púpọ̀. Bí ọmọ Yorùbá ṣe ń rí gẹ́lẹ́ ni: bàbá rẹ̀ ń pè é ní Adéwálé, ìyá bàbá rẹ̀ ń pè é ní Babátúndé, àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ sì ní orúkọ tiwọn tí wọ́n fi ń ké sí i. Orúkọ yòówù kí wọ́n pè é, ọmọ kan náà ló ń dáhùn. “Inbox” tí gbogbo wa mọ̀ pàápàá, lébẹ̀lì ni. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ “Archive”, kò sí ibì kankan tí ímeèlì náà lọ. Lébẹ̀lì “Inbox” nìkan ni wọ́n já kúrò lára rẹ̀.

Fún akọ̀wé wa, lébẹ̀lì mẹ́ta péré ló nílò láti bẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, yóò wo apá òsì, yóò tẹ àmì àròpọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ “Labels”, yóò sì kọ `kanga`. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún `ilera` àti `ojo-ilu`. Ó dára kí orúkọ kúrú, kó sì jẹ́ èyí tí ọwọ́ lè tẹ̀ kíákíá láìsí àmì ohùn, nítorí orúkọ yìí náà ni yóò máa tẹ̀ nígbà tó bá ń wá nǹkan. Tó bá fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, bí “ojo ilu”, àmì ìsopọ̀ ni yóò fi dípò àlàfo náà nígbà ìwákiri: `label:ojo-ilu`. Ó lè fún lébẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú, kí ojú lè tètè dá a mọ̀.

Yóò padà sídìí ímeèlì agbaṣẹ́ṣe, yóò tẹ àwòrán lébẹ̀lì tó wà lókè, yóò fọwọ́ sí àpótí kékeré iwájú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì tẹ “Apply”. Ó ti parí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé ímeèlì náà, orúkọ mẹ́ta yóò hàn, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Lébẹ̀lì yòówù kó ṣí, yóò bá ímeèlì náà níbẹ̀. Ìwọ̀n ẹyọ kan náà ló sì ń gbà nínú gígábáìtì 15 tí Google ń fún oníkálukú lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí. Ẹni tó gba ímeèlì lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè rí lébẹ̀lì wọ̀nyí. Òun nìkan ló ń rí wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ àwòrán lébẹ̀lì yẹn ni àwòrán mìíràn wà, fódà kékeré tó ní ọfà nínú. Orúkọ rẹ̀ ni “Move to”. Ọdún 2009 ni Google fi í kún Gmail, ó sì tu àwọn tí fódà ti mọ́ lára nínú. Ìwà fódà ló ń hù. Tí akọ̀wé bá wà nínú “Inbox”, tó fi “Move to” gbé ímeèlì sí `kanga`, ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: lébẹ̀lì `kanga` lẹ̀ mọ́ ọn, lébẹ̀lì “Inbox” sì já kúrò. Ìyẹn kò burú. Ó burú nígbà tó bá wà nínú `kanga`, tó rí ímeèlì tó kan ilé ìwòsàn pẹ̀lú, tó wá fi “Move to” gbé e sí `ilera`. Lébẹ̀lì `ilera` yóò lẹ̀ mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n `kanga` yóò já kúrò lára rẹ̀ láìsí ariwo. Ímeèlì náà ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sínú òmíràn, nígbà tó yẹ kó wà nínú méjèèjì. Fífi máósì wọ́ ímeèlì lọ sórí orúkọ lébẹ̀lì ní apá òsì náà ń ṣe ohun kan náà.

Bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ ni pé kó wo ẹ̀gbẹ́ àkọlé. Tí orúkọ tó yẹ kó jẹ́ méjì bá ku ẹyọ kan, “Move to” ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “Undo” máa ń yọ sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tó bá tètè rí i lè tẹ̀ ẹ́. Fún ẹni tó fẹ́ràn kíbọọ̀dù, tó bá ti tan “Keyboard shortcuts” nínú “Settings”, lẹ́tà `l` ni ti lébẹ̀lì, `v` ni ti “Move to”. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sábà máa ń kan iṣẹ́ púpọ̀ ì bá gbàgbé pé `v` wà.

Fífi ọwọ́ lẹ lébẹ̀lì mọ́ ímeèlì níkọ̀ọ̀kan dára nígbà tí ímeèlì bá mọ níwọ̀n. Nígbà tí Ọjọ́ Ìlú bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọmọ ìlú ń kọ̀wé láti Èkó, láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Amẹ́ríkà, ọwọ́ kò ní ká a mọ́. Asẹ́ Gmail, tí wọ́n ń pè ní “Filter” lójú kọ̀ǹpútà, wà fún èyí. Lápá ọ̀tún inú àpótí ìwákiri, àmì kan wà tó dà bí ìlà tó ní kókó lára. Bí akọ̀wé bá tẹ̀ ẹ́, fọ́ọ̀mù kékeré yóò yọ: ta ló kọ ọ́, ta ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí ni àkọlé rẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ló wà nínú rẹ̀. Yóò kọ àdírẹ́sì agbaṣẹ́ṣe sí “From”, yóò tẹ “Create filter”, yóò fọwọ́ sí “Apply the label”, yóò sì mú `kanga`. Tó bá fọwọ́ sí “Also apply filter to matching conversations” pẹ̀lú, àwọn ímeèlì àtijọ́ tí agbaṣẹ́ṣe ti kọ yóò gba lébẹ̀lì lójú ẹsẹ̀. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ “Skip the Inbox” sí. Kó fi í sílẹ̀ ná, títí yóò fi dá a lójú pé asẹ́ náà ń mú ohun tó yẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ímeèlì yóò máa wọlé, kò sì ní mọ̀.

Asẹ́ kan kò lè lẹ ju lébẹ̀lì kan lọ. Ohun tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀ nìyí, ó sì ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Bí ìwé ilé báǹkì ẹgbẹ́ bá kan kànga àti ilé ìwòsàn nígbà gbogbo, asẹ́ méjì ni akọ̀wé yóò ṣe, ohun kan náà ni yóò kọ sínú méjèèjì, lébẹ̀lì nìkan ni yóò yàtọ̀. Asẹ́ méjèèjì yóò ṣiṣẹ́ lórí ímeèlì kan náà, ọ̀kan kì í dí èkejì lọ́wọ́.

Àdírẹ́sì ẹni tó kọ̀wé nìkan kò sì tó. Agbaṣẹ́ṣe lè kọ̀wé nípa kànga lónìí, kó kọ̀wé nípa òrùlé lọ́la. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kò ṣeé gbára lé pátápátá bákan náà. Asẹ́ tó bá ń wá “ilera” yóò kó ìpolówó oògùn àti ìwé ìròyìn ìlera mọ́ ọn. Ọ̀nà tó fìdí múlẹ̀ jù ni kí àwọn tó ń kọ̀wé síra wọn fẹnu kò lórí àmì kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àmì tí kò jọ ọ̀rọ̀ gidi kankan, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sínú àkọlé. Akọ̀wé wa lè mú `KNG25` fún kànga, `ILR25` fún ilé ìwòsàn, `OJI25` fún Ọjọ́ Ìlú. Asẹ́ mẹ́ta ni yóò ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì kan nínú “Subject”. Tí agbaṣẹ́ṣe bá wá kọ̀wé nípa páìpù, àkọlé rẹ̀ yóò rí báyìí:

```
KNG25 ILR25 Iye owo paipu
```

Kí akọ̀wé tó ṣí i, lébẹ̀lì méjì ti wà lára rẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, òun sì ni ó mọ ohun tí ìwé náà dá lé lórí jùlọ. Ohun tó kù fún akọ̀wé ni kó ka ìwé náà, kó sì fi ọwọ́ lẹ èyí tí ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé, bí ọ̀rọ̀ kábíyèsí tó wà nísàlẹ̀ yẹn.

Ẹni tí kò bá lè mú àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ àmì sínú àkọlé lè fi àdírẹ́sì ṣe é. Gmail gbà kí ènìyàn fi àmì àròpọ̀ àti ọ̀rọ̀ yòówù tó bá wù ú kún orúkọ rẹ̀ ṣáájú `@`, ímeèlì náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí àdírẹ́sì bá jẹ́ `akowe@gmail.com`, èyí tí wọ́n kọ sí `akowe+kanga@gmail.com` yóò wọlé sí ibì kan náà, asẹ́ sì lè wo “To” kó mọ lébẹ̀lì tó yẹ. Akọ̀wé lè fún agbaṣẹ́ṣe ní àdírẹ́sì kan, kó fún ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Ìlú ní òmíràn. Kìkì pé àwọn fọ́ọ̀mù kan lórí ìkànnì kì í gba àmì àròpọ̀ yẹn.

Ìdí mìíràn wà tí àmì inú àkọlé fi dára, òun ló sì gba ìfarabalẹ̀ jù. Gmail máa ń kó ímeèlì àti èsì rẹ̀ jọ sójú kan, kó dà bí ìjíròrò kan. Bí akọ̀wé bá lẹ lébẹ̀lì mọ́ ìjíròrò, àwọn ímeèlì tó ti wà nínú rẹ̀ lákòókò yẹn ni lébẹ̀lì náà mọ́. Èsì tó bá wọlé lọ́la kì í jogún rẹ̀. Èyí kì í hàn sójú, nítorí odindi ìjíròrò náà yóò ṣì máa yọ nínú `kanga` níwọ̀n ìgbà tí ímeèlì kan nínú rẹ̀ bá ní lébẹ̀lì. Ìgbà ìwákiri ló máa ń hàn, nítorí ímeèlì kọ̀ọ̀kan ni ìwákiri Gmail ń wò, kì í ṣe odindi ìjíròrò.

Ẹ wo bó ṣe lè ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé lẹ `kanga` mọ́ ímeèlì agbaṣẹ́ṣe lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ẹtì, akápò dáhùn láti Lọ́ńdọ̀nù pé òun ti sanwó, ó sì so rìsíìtì mọ́ ọn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ayẹ̀wé-owó-wò fẹ́ rí gbogbo rìsíìtì kànga. Akọ̀wé kọ `label:kanga filename:risiiti`, kò rí nǹkan kan. Rìsíìtì náà kò sọnù. Ara èsì akápò ló wà, èsì yẹn kò sì ní lébẹ̀lì. Ṣùgbọ́n tí asẹ́ bá ti ń ṣọ́ `KNG25` nínú àkọlé, èsì akápò yóò gba lébẹ̀lì bó ṣe ń wọlé, torí àkọlé máa ń bá èsì lọ, “Re:” nìkan ni wọ́n ń fi ṣáájú rẹ̀. Bí ìjíròrò bá já sí méjì pàápàá, àmì náà yóò ṣì so wọ́n pọ̀. Gmail máa ń já ìjíròrò nígbà tí ẹnì kan bá yí àkọlé padà tàbí tí ímeèlì inú rẹ̀ bá ti ju 100 lọ, ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ìlú sì máa ń ju 100 lọ.

Nígbà tí lébẹ̀lì bá ti wà níbi tó yẹ, ìbéèrè tí fódà kò lè dáhùn yóò wá rọrùn. Ìwé wo ló kan kànga àti ilé ìwòsàn pọ̀, tí wọ́n sì so nǹkan mọ́?

```
label:kanga label:ilera has:attachment
```

Kí ni ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Ìlú ń sọ tí kò kan kànga rárá?

```
label:ojo-ilu -label:kanga
```

Ìwé wo ló wà nínú “Inbox” tí wọn kò tíì fún ní orúkọ kankan?

```
has:nouserlabels in:inbox
```

Ìbéèrè kẹta yìí ni akọ̀wé tó mọṣẹ́ rẹ̀ yóò máa bi Gmail lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí asẹ́ kò bá mú ni yóò yọ síbẹ̀, yóò sì rí ẹni tó ń gbàgbé àmì inú àkọlé, kó lè rán an létí. Ó lè fi ọjọ́ kún ìbéèrè rẹ̀, bí `after:2025/06/01`, tàbí kó lo lébẹ̀lì kẹrin tí kì í ṣe ti iṣẹ́ kan pàtó, bí `owo-jade` fún gbogbo ìwé tí wọ́n ti sanwó rẹ̀. Nígbà náà, `label:ilera -label:owo-jade` yóò fi ìwé ilé ìwòsàn tí owó rẹ̀ kò tíì jáde hàn án. Láti ìgbà náà lọ, ètò náà kì í ṣe ti títò ìwé nìkan mọ́. Ó ti di ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè.

Gmail tún gbà kí lébẹ̀lì wà lábẹ́ lébẹ̀lì, bí `ojo-ilu/2025`. Ó wúlò fún ọdún sí ọdún. Fún iṣẹ́ tó wọnú ara wọn, kò wúlò, torí ó tún ń fa ènìyàn padà sínú èrò fódà, pé abẹ́ nǹkan kan ṣoṣo ni nǹkan gbọ́dọ̀ wà.

Pípa ìwé rẹ́ gba ìṣọ́ra. Bí akọ̀wé bá wà nínú `ojo-ilu`, tó rí ímeèlì páìpù, tó ní Ọjọ́ Ìlú ti kọjá, tó sì tẹ àwòrán garawa ìdalẹ̀nù, ímeèlì náà yóò kúrò nínú `kanga` àti `ilera` pẹ̀lú. Ẹyọ kan ni látìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní nínú “Trash” kó tó lọ pátápátá. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó yọ lébẹ̀lì `ojo-ilu` nìkan: kó ṣí ímeèlì náà, kó tẹ `x` kékeré ara orúkọ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé. Òdìkejì rẹ̀ ni pípa lébẹ̀lì fúnra rẹ̀ rẹ́. Bó bá pa `kanga` rẹ́, kò sí ímeèlì tó sọnù. Gbogbo wọn ṣì wà nínú “All Mail”. Ṣùgbọ́n ohun tó kó wọn jọ ti lọ, kò sì sí bọ́tìnì tí yóò dá a padà. Bí iṣẹ́ bá parí, kó fi lébẹ̀lì pamọ́ kúrò lápá òsì pẹ̀lú “Hide”, kó má pa á rẹ́.

Lórí fóònù, púpọ̀ nínú èyí ṣeé ṣe. Nínú áàpù Gmail, akọ̀wé yóò ṣí ímeèlì, yóò tẹ àmì ẹyọ mẹ́ta lókè, yóò sì yan “Label” tàbí “Change labels”, bí áàpù tirẹ̀ bá ṣe kọ ọ́. “Move to” wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà kó fi ojú wò ó dáadáa. Ohun tí fóònù kò lè ṣe ni asẹ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, tí wọ́n bá sì ti ṣe é tán, yóò máa ṣiṣẹ́ fún fóònù náà.

Ẹni tó ń fi Outlook tàbí Thunderbird ka Gmail yóò bá ohun mìíràn pàdé. Àwọn ètò wọ̀nyẹn ń fi lébẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn bíi fódà, ímeèlì tó ní lébẹ̀lì mẹ́ta yóò sì yọ nínú fódà mẹ́ta, pẹ̀lú òmíràn nínú “All Mail”. Ẹyọ kan náà ni wọ́n lọ́dọ̀ Google. Kí ẹni tó bá rí ẹ̀dà mẹ́rin má bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́, kó má ba à já orúkọ tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú Gmail fúnra rẹ̀ ni kó ti ṣe iṣẹ́ lébẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ọjọ́ tí sáà akọ̀wé bá parí. Lébẹ̀lì kì í bá ímeèlì rìn. Bí akọ̀wé bá darí ímeèlì ọgọ́rùn-ún sí ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, láìlórúkọ ni gbogbo wọn yóò dé, iṣẹ́ ọdún méjì yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Google Takeout lè kó ìwé náà jáde sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní mbox, tí orúkọ lébẹ̀lì wà lára ímeèlì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà `X-Gmail-Labels`. Ìyẹn dára fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ẹni tó kàn fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó ń múra láti yan akọ̀wé ṣí àdírẹ́sì Gmail tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan, kó tó gba ímeèlì àkọ́kọ́ nípa iṣẹ́ kankan. Nínú “Settings”, lábẹ́ “Accounts and Import”, ibì kan wà tí wọ́n kọ “Grant access to your account” sí. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti lè fún akọ̀wé, akápò àti alága láyè láti wọlé, olúkúlùkù láti orí àdírẹ́sì tirẹ̀, láìfún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Bí sáà bá parí, wọn yóò yọ orúkọ ẹni tó ń lọ, wọn yóò fi ti ẹni tó ń bọ̀ síbẹ̀, lébẹ̀lì àti asẹ́ gbogbo yóò sì wà níbi tí wọ́n wà.